"Ìdín" àbí "ìdin": kí la ó kọ sára ike bílíìṣì?

Àbẹ̀ní, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lẹ ìwé mọ́ ike bílíìṣì ilé oúnjẹ wa. Ṣé "ìsọdimímọ́ pákó" dára? Ìwọ̀n wo ni kí n bù sómi fún pákó ìgéran àti orí káńtà?

Bàbá Olùkọ́, Iléṣà:
Ọmọ mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni ìsọdimímọ́. Pákó ò dẹ́ṣẹ̀. Inú "mọ́" yẹn gan-an ni ẹjọ́ wà. Ohun tó mọ́, ojú ń rí i: ọ̀rá ti kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti kúrò. Ọṣẹ àti kànìnkànìn ló ń ṣèyẹn. Kòkòrò àìfojúrí tó ṣẹ́kù ni bílíìṣì ń bá jà, kì í sì í pa á tán, ó ń dín in kù ni. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: "ìdínkòkòrò" ni kó o kọ.

Fọ pákó, fi omi ṣàn án. Bí bílíìṣì náà bá jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100, bu ṣíbí tíì kan sínú omi tútù lítà kan, ìyẹn ọ̀rá píọ́ wọ́tà ńlá méjì. Jẹ́ kó wà lójú pákó fún ìṣẹ́jú méjì, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Má fi àkísà nù ún, àkísà lè dá kòkòrò padà. Bákan náà ni ti káńtà.

Ìyá Ìbejì, Mọ́dákẹ́kẹ́:
Èmi máa ń da ìdérí méjì lé pákó tààrà, gbàrà tí mo bá gé ẹja tán. Bó bá ti ń ta sí mi nímú, mo mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́. Eérú làwọn ìyá wa fi ń ha pákó, ta ló gbọ́ ìdínkòkòrò lẹ́nu wọn?

Bàbá Olùkọ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ fọ̀ ọ́ ná. Ọ̀rá ẹja ló ń jẹ agbára bílíìṣì kó tó kan kòkòrò. Eérú àwọn ìyá wa, fífọ̀ nìyẹn, wọ́n sì gbọ́n.

Ọmọ Ifẹ̀:
Bàbá, bí àmì òkè bá bọ́ lára "ìdín", ó di ìdin. Ta ni yóò jẹun níbi tí wọ́n kọ ìdin sára ike? Bí àmì sì wà níbẹ̀, alásè á ní kòkòrò la fẹ́ dín lépo. "Apakòkòrò" ló dára.

Àbẹ̀ní:
Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n kọ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Oògùn aáyán náà ń jẹ́ apakòkòrò. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé ti aáyán, ó fi nu káńtà àti pákó. Gbogbo pákó la kó dànù lọ́jọ́ náà.

Bàbá Olùkọ́:
Ẹ ò rí i? "A" iwájú yẹn ló fà á. Ẹni tó ń ṣe é ló ń tọ́ka sí, kò sọ irú kòkòrò.

Ọmọ Ifẹ̀:
"A" kọ́, Bàbá. "Kòkòrò" ni.

Àbẹ̀ní:
Mo ti kọ "Omi bílíìṣì, lẹ́yìn fífọ̀", mo sì kọ ọjọ́ òní sí i, torí tàná ò lágbára mọ́.

Ọmọ Ifẹ̀:
Ta ló ní kí ẹ kọ "íì" sínú bílíìṣì?