Sítétímẹ́ǹtì báńkì fún físà: owó ńlá tó dé lójijì

Ará Tánkẹ̀
Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìlú Ọba, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nǹkan bí 350,000 náírà ló ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù, 200,000 ló sì sábà máa ń ṣẹ́ kù. Lóṣù tó kọjá bàbá wa ta ilẹ̀ kan ní Òmù-Àrán, wọ́n sì fún àbúrò mi ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọjọ́ 4 oṣù yìí ló kó o lọ san ní báńkì, owó ọwọ́ ni. Ọjọ́ 11 la gba sítétímẹ́ǹtì, 4,215,000 ló wà lójú ìlà tó kẹ́yìn. Ṣé ó ti tó?

Ìyá Ìpàta
Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Bó bá ti pé ọjọ́ 28, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan. Bí ọmọ mi ṣe ṣe tiẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì fún un.

Ará Ọ̀ffà
Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òfin ọjọ́ 28 wà lóòótọ́, àmọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ní owó náà lọ́wọ́ fún ọjọ́ 28 láìjá, ọjọ́ tí 28 náà sì parí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe àbẹ̀wò kò ní irú òfin yẹn. Tiẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ gbà pé owó náà jẹ́ tirẹ̀, àti pé yóò padà wálé.

Arákùnrin Tánkẹ̀, ẹ wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé náà ṣe máa wò ó. Mílíọ̀nù mẹ́rin ju ohun tó ń wọlé fún oṣù mọ́kànlá lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì wọlé, ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tẹ ìwé. Ó máa yọ owó náà kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. 215,000 ló ṣẹ́ kù, iyẹn ló sì máa fi wọn ìrìn àjò náà. Èyí tó tún burú ni pé owó ọwọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì ni, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ ì bá hàn níwájú ìlà náà. Báyìí, orúkọ àbúrò yín nìkan ló wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Màlétè
Èmi rò pé òǹtẹ̀ ni wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀. Ojú ìwé 3 nínú tèmi kò ní òǹtẹ̀, 14 ni gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n padà lọ báńkì?

Ará Ọ̀ffà
Ẹ padà lọ. Bí ẹ́ńbásì yín bá ti kọ ọ́ pé báńkì gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀, gbogbo ojú ìwé ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n lù, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Kí ẹ tó kúrò níwájú kàńtà, ẹ ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ojú ìwé tò láti 1 dé 14. Ẹ rí i pé báláǹsì tó parí ojú ìwé kan ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú ìwé tó bá já ń mú kí wọ́n rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá ti páspọ́ọ̀tù mu.

Ní ti àsìkò, oṣù mẹ́fà ni kẹ́ ẹ gbà, kí ó sì dé ọjọ́ méjì mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹlòmíì á dá a dúró sí ìparí oṣù tó kọjá torí pé owó ò sí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ará Tánkẹ̀
Ṣé ká dá owó bàbá padà ni?

Ará Ọ̀ffà
Rárá o. Owó tó wọlé tó sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á jọ owó tí wọ́n yá. Ẹ wá ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà, tó ní iye, ọjọ́, orúkọ ẹni tó rà á àti àwọn ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ 4. Ẹ kọ lẹ́tà tí bàbá fọwọ́ sí, pé ẹ̀bùn ni fún ọmọ òun. Bí ìwé náà kò bá sí, ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn láti fi bo nǹkan mọ́lẹ̀: ìwé irọ́ lè mú kí wọ́n lé e sẹ́yìn fún ọdún 10.

Ọ̀nà kejì wà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Bí bàbá bá ní àkáǹtì, tí owó àtẹ̀yìnwá rẹ̀ sì dúró dáadáa, kí ó jẹ́ onígbọ̀wọ́. Ó máa fi sítétímẹ́ǹtì tirẹ̀ sílẹ̀, àbúrò yín á sì fi tirẹ̀ hàn bó ṣe rí gan-an. 350,000 tó ń wọlé déédéé lóṣù, pẹ̀lú ìwé ṣọ́ọ̀bù, sàn ju mílíọ̀nù mẹ́rin tí kò ní orísun.

Alájẹṣẹ́kù Ọ̀ffà
Owó àjọ àti ti alájẹṣẹ́kù náà máa ń dà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà, kí ẹ so ìwé ìdáwó mọ́ ọn.

Ìyá Ìpàta
Mo ti gbọ́. Ti ọmọ mi, ilé ẹ̀kọ́ ló lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, àkáǹtì ẹ̀rọ pọ́ọ̀sì mi, tí owó ọjà ń wọ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń jáde lálẹ́, ṣé wọ́n á gbà á?

Ará Ọ̀ffà
Ó ń fi hàn pé ẹ ń tajà, ìyẹn dára. Bóyá ó tó gẹ́gẹ́ bí owó ìrìn àjò, mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ so ó mọ́ ti báńkì, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀.