GT 1030 méjì, 2 GB méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sáré, èkejì ń wọ́ nílẹ̀: ta ló ti bá irú rẹ̀ pàdé?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù tó kọjá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ra káàdì àwòrán GT 1030 fún kọ̀ǹpútà wa. Wọ́n kọ 2 GB sára páálì tirẹ̀, wọ́n sì kọ 2 GB sára tèmi náà. Inú mi tilẹ̀ dùn pé owó tèmi kéré sí tirẹ̀. Nígbà tí a ṣí géèmù bọ́ọ̀lù kan náà, tirẹ̀ ń gbé àwòrán bí 50 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tèmi kò sì ju 25 lọ. Mo rò pé pírósẹ́sọ̀ mi ló ń fà á, ni a bá gbé káàdì kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ẹnì kejì. Ìlọ́ra náà tẹ̀lé káàdì mi lọ sínú ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo yẹ kí n kà lára páálì yẹn tí n kò kà?

Baba Géèmù: Wọ́n ti gbá ọ, àbúrò.

Àgbà Oníwáyà: Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. GT 1030 tó kọ́kọ́ jáde ní 2017 ń lo ìrántí GDDR5. Ní 2018, wọ́n gbé òmíràn jáde tó ń lo DDR4, wọn kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Gígábáìtì méjì ni ti àwọn méjèèjì, bíìtì 64 sì ni fífẹ̀ ọ̀nà tí ìrántí ń gbà dé ọpọlọ káàdì nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni ìyára.

Ronú nípa ọmọ 64 tó ń pọn omi láti odò wá sílé. Iye ọmọ ni fífẹ̀ ọ̀nà, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yá tó ni irú ìrántí, bí àgbá ilé ṣe tóbi tó sì ni gígábáìtì tí wọ́n kọ sára páálì. Nínú GDDR5 yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé gígábíìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; nínú DDR4, 2.1 péré ni. Bíìtì 8 ló ń di báìtì kan, nítorí náà:

```
64 ÷ 8 × 6   = 48 GB/s
64 ÷ 8 × 2.1 = 16.8 GB/s
```

Àgbá kan náà ni, ṣùgbọ́n omi tó ń wọlé sí tìrẹ kò tó ìdajì. Fi ètò GPU-Z tó ń fi inú káàdì hàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí o ka ibi tí wọ́n kọ Memory Type, Bus Width àti Bandwidth sí.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ 64! Méjì péré ni tèmi, wọn kì í sì í lọ sódò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ti wò ó, sà. Memory Type: DDR4. Bus Width: 64 bit. Bandwidth: 16.8 GB/s. Ara mi kàn rọ ni. Mo tún páálì náà yẹ̀ wò, mo sì rí DDR4 ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré ju ti déètì ara pákẹ́ẹ̀tì bisikíìtì lọ.

Baba Géèmù: Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn: fífẹ̀ ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má ra káàdì tí bíìtì rẹ̀ kò tó 128, kò sí ohun mìíràn tí ẹ nílò láti mọ̀.

Àgbà Oníwáyà: Baba Géèmù, ìdajì òótọ́ ni. Ẹ wo GT 730. Ó ní èyí tó ń lo DDR3 lórí bíìtì 128, tó ń kó 28.8 GB/s. Ó tún ní èyí tó ń lo GDDR5 lórí bíìtì 64, tó ń kó nǹkan bí 40 GB/s. Ọ̀nà tóóró ló borí, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn ín yá jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ dákun sà, àpẹẹrẹ yẹn kò mọ́ tó. Ọpọlọ GT 730 oníbíìtì 128 yẹn ti pẹ́ ju ti èkejì lọ, kì í ṣe ìrántí nìkan ló yàtọ̀. Tí èkejì bá sáré jù ú lọ nínú géèmù, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìrántí níbẹ̀?

Àgbà Oníwáyà: O gbá a mú. Ìṣirò omi ni mo fi í ṣe, n kò fi í ṣe ìdíje géèmù.

Ìyá Ìbejì: Kọ̀ǹpútà alágbèéká tèmi náà kọ 2 GB sí iwájú àwòrán, kò sì ní káàdì kankan. Nígbà tí ọmọ tó ń tún un ṣe fi ràámù kejì sí i, géèmù àwọn ìbejì yá sí i gan-an, bẹ́ẹ̀ 2 GB yẹn kò kúrò níbi tó wà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí náà nìyẹn?

Àgbà Oníwáyà: Ìbátan rẹ̀ ni, mà. Inú ràámù ni àwòrán tiyín ti ń yá àyè lò. Ràámù ẹyọ kan ń lo bíìtì 64, méjì sì sọ ọ́ di 128. Ọmọ tó ń pọn omi ló pọ̀ sí i, àgbá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwòrán kò yí padà.

Ayàwòrán Ilé: Ẹ má tíì sọ gígábáìtì di ohun yẹ̀yẹ́ o. RTX 3060 Ti ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, gígábáìtì 8 lórí bíìtì 256. Mo ya ilé alájà kan pẹ̀lú ọgbà rẹ̀ nínú Blender, kò tíì ya ìlà kan tó fi kọ ọ́ síwájú mi pé `System is out of GPU and shared host memory`. Mo gbé e lọ sórí RTX 3060 ọ̀rẹ́ mi, oníbíìtì 192 tó ní gígábáìtì 12. Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó parí iṣẹ́. Àǹfààní wo ni ọ̀nà fífẹ̀ ṣe fún mi?

Baba Géèmù: Ẹ kò dín àwòrán tí ẹ fi bo ara ògiri kù ni?

Ayàwòrán Ilé: Mo dín in kù, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ fẹ́ kí a sún mọ́ ẹnu ọ̀nà débi tí a ó ti rí ojú igi, igi náà sì ti di ẹ̀kọ mímu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá àgbá ló kún tàbí omi ni kò tètè dé?

Àgbà Oníwáyà: Bí àgbá bá kún, géèmù á máa lọ dáadáa, á wá dúró gbagidi nígbà tí o bá yí ojú sí ibi tuntun, á sì tún gbéra. Nínú Task Manager, Dedicated GPU memory á kan òrùlé, Shared GPU memory á sì máa gòkè. Bí ó bá jẹ́ omi ni kò tètè dé, ìlọ́ra náà á dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì dín kù gan-an bí o bá dín ìwọ̀n àwòrán kù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dán an wò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Mo sọ ọ́ kalẹ̀ láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720. Ó kúrò ní 25, ó dé 41. Ìrántí tó ń lò kò dé 1.5 nínú 2 ní gbogbo àkókò náà.

Àgbà Oníwáyà: Àgbá rẹ kò kún nígbà kankan. Kódà bí wọ́n bá fún ọ ní gígábáìtì 4 irú DDR4 yẹn, 25 náà ni o máa rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: RTX 4060 Ti wá ńkọ́? Oníbíìtì 128 ni, 288 GB/s, ìyẹn kò sì yàtọ̀ yálà ẹ ra oníga 8 tàbí oníga 16. 3060 Ti ń kó 448. Síbẹ̀ 4060 Ti kì í sábà gbẹ́yìn rẹ̀.

Àgbà Oníwáyà: Wọ́n fi àpò ìrántí tó tóbi sínú ọpọlọ rẹ̀, mẹ́gábáìtì 32, nígbà tó jẹ́ pé 4 ni ti 3060 Ti. Ìgbà tí kò bá rí ohun tó ń wá nínú àpò náà nìkan ló ń ránṣẹ́ sódò.

Baba Géèmù: Títí àpò á fi kún. Ẹ gbé ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ dé 4K, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Ọ̀nà ni ọ̀nà ń jẹ́.

Àgbà Oníwáyà: Ní 4K, n kò ní bá ọ jiyàn púpọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, “2 GB lo béèrè, 2 GB ni mo fún ọ.” N kò rí èsì fún un, nítorí pé ohun tí mo béèrè gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Kí o padà lọ, kí o béèrè ọmọ 64 tó mọ̀ ọ́n sá.