Ṣé ara ni oògùn ti mọ́, àbí kòkòrò ni oògùn ò ràn?

Apòògùn, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa nípa àńtíbáyọ́tíìkì tí kì í ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí ìlòkulò. Mo kọ ọ́ pé: "Bí ẹ bá ń lo oògùn apakòkòrò bó ṣe wù yín, á mọ́ yín lára, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́." Ọkàn mi ò balẹ̀ sí "á mọ́ yín lára." Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Láti kékeré ni ara mi kì í ti í gba kulorokúìnì. Bí mo bá lò ó, yíyún ni màá máa yún ara títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé "ara á kọ oògùn," kò sẹ́ni tí kò ní yé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì: Ìyá Ìbejì, ara tiyín ló kọ oògùn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ibà lè gbóògùn yẹn kó sì lọ, kí ara ṣì máa yún yín. Kòkòrò ni apòògùn ń sọ. Ẹni tó bá ní ayẹta, ìbọn kì í ràn án. Yẹ ọta ló di ayẹta, nítorí náà yẹ oògùn á di ayẹ-oògùn. Ẹ pè é ní "kòkòrò ayẹ-oògùn." Àwọn tí kì í lo oògùn tán ló fà á: kòkòrò á tọ́ oògùn wò, á sì kọ́gbọ́n.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò: Bàbá, mo gba "kòkòrò," mi ò gba "kọ́gbọ́n." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí lẹ́nu iṣẹ́. A ó mú kòkòrò tó jáde nínú ìtọ̀ aláìsàn, a ó fi ra ojú àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. A ó wá to bébà róbótó kéékèèké lé e, oògùn kan lára bébà kan. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí oògùn bá ti ràn án, ojú àwo á mọ́ yí bébà ká bí àgbàlá tí a gbá. A ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, nítorí pé mímọ́ díẹ̀ kò tó. Níbi tí kò bá ti ràn án, kòkòrò á hù dé etí bébà. Kò sí ara ẹnikẹ́ni nínú àwo yẹn tí oògùn lè mọ́ lára, síbẹ̀ oògùn ò ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo àtọ̀sí. Ní 1976, wọ́n rí àtọ̀sí tó ń gé pẹnisílíìnì já kó tó ràn án, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tọpa díẹ̀ lára ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Ẹni tí kò lo pẹnisílíìnì rí láyé rẹ̀ lè kó irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Bí ẹ bá kọ "á mọ́ yín lára," irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ní kò kan òun.

Ní ti kọ́gbọ́n: nínú ọ̀pọ̀ kòkòrò, ìwọ̀nba díẹ̀ ti yàtọ̀ kí oògùn tó dé. Oògùn pa àwọn yòókù, àyè wá ṣófo fún àwọn díẹ̀ yẹn láti bí sí i. Kì í sì í ṣe àìlòtán nìkan. Ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, tó lọ ra ampikílọ́ọ̀sì ní kẹ́míìsì, kò pa ohun tó fa ọ̀fìnkìn rárá. Àwọn kòkòrò tó ń gbé jẹ́jẹ́ nínú ìfun rẹ̀ ló ń ṣà, àwọn tí oògùn ò ràn nínú wọn ló sì ń ṣẹ́kù.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì: Bó bá ti wà kí oògùn tó dé, a jẹ́ pé àbímọ́ ni. Ayẹta kì í ṣe àbímọ́, ńṣe ni èèyàn ń lọ gbà á.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò: Wọ́n ń gbà á náà, bàbá. Kòkòrò kan lè fún ẹnìkejì tí kì í ṣe irú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó bí i. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín bá a mu.

Apòògùn, Ìbàdàn: Mo ti tún un kọ: "Bí ẹ bá ń lo àńtíbáyọ́tíìkì láìsí àyẹ̀wò, tàbí tí ẹ ń tú kápúsù sójú egbò, kòkòrò tí oògùn ràn á kú, èyí tí oògùn ò ràn á kù, á sì máa bí sí i. Ẹ lè kó o ran ọmọ yín." Àmọ́ "ràn" méjì ti wọnú ara wọn báyìí, ti oògùn àti ti àìsàn.

Ìyá Ìbejì: Ti "kòkòrò" ló ń dààmú èmi. Bí mo bá gbọ́ "oògùn apakòkòrò," ti aáyán ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì: Ẹ sọ pé "kòkòrò àìfojúrí."

Apòògùn, Ìbàdàn: Ó gùn, ṣùgbọ́n màá lò ó. Ìpàdé wa di ọjọ́ Sátidé. Màá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú "tí oògùn ò ràn," lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú "ayẹ-oògùn," màá sì ní kí àwọn ìyá àgbà sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi. Èyí tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ ni màá tẹ̀ jáde.