Ìgékọjá àbí ìfojúgé: orúkọ wo ló yẹ ọ̀nà tí a fi ń wá ipá inú ọ̀pá díẹ̀ nínú trọ́ọ̀sì?

Onítumọ̀, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń túmọ̀ ìwé ìkọ́ni kan lórí afárá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ polí. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń gé trọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ọ̀pá tí a so pọ̀ ní oríkèé kí wọ́n lè jọ gbé ẹrù, sí méjì, kí wọ́n lè mọ ipá inú ọ̀pá méjì mẹ́ta péré láìṣírò gbogbo èyí tó kù. “Ọ̀nà àwọn abala” ni mo kọ, àmọ́ kò dùn létí mi. Kí ni kí n pè é?

Olùkọ́ èdè, Adó-Èkìtì

Abala kò bá a mu. Ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá ti pín nǹkan ni abala: abala ìwé, abala òfin. Gígé fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbí. Ẹ má sì lo “ojú-ìgé”, torí ojú-ìgé ni ohun tí à ń rí tí a bá fi ayùn rẹ́ ọ̀pá kan tí a wá wo orí rẹ̀. Ìwé kan náà yóò nílò ọ̀rọ̀ yẹn tó bá fẹ́ sọ bí ọ̀pá ṣe nípọn tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe méjèèjì, sẹ́kíṣọ̀n, kò sì di dandan ká bá wọn ru ẹrù náà. Èmi dá “ìfojúgé” lábàá. Ojú la fi ń gé e, ọ̀bẹ kò kàn án.

Káfíńtà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ gé trọ́ọ̀sì? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kan òrùlé. Ẹni tó bá gé igi mẹ́ta nínú trọ́ọ̀sì tó ti gbé páànù, orí rẹ̀ ni òrùlé yẹn máa wó lé. Onílé kan ní kí wọ́n yọ igi kan ṣoṣo kúrò kí táńkì omi lè gba ibẹ̀ wọ àjà. Kò tó oṣù méjì tí igi ìsàlẹ̀ fi tẹ̀ kòròbọ̀, tí àjà sì là. Èmi ni wọ́n pè wá tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe igi kọ̀ọ̀kan ni, kò sí ìdí fún gígé. Ti òkè, wọ́n ń tì í mọ́ra. Ti ìsàlẹ̀, wọ́n ń fà á. Èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín, wọ́n ń tì í mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà gbogbo.

Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, Èkó

Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ayùn wà níbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Orí ìwé ni gbogbo gígé yìí. À ń ṣe bí ẹni pé trọ́ọ̀sì ti já sí méjì, a mú ẹ̀gbẹ́ kan, a wá bi ara wa pé: ipá wo ni àwọn ọ̀pá tí a gé gbọ́dọ̀ máa fi di ẹ̀gbẹ́ yìí mú tí kò fi wó? Ipá tó sápamọ́ sínú ọ̀pá tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sí gbangba nìyẹn, a sì lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú afárá kékeré kan, kí orúkọ tí ẹ bá sọ ọ́ lè bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ó gùn ní mítà 18, ó ga ní mítà 4, òpó kan wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Ó pín sí yàrá 6, mítà 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi nọ́ńbà pe àwọn oríkèé ìsàlẹ̀, láti 0 lápá òsì dé 6 lápá ọ̀tún. Oríkèé òkè tó bá dúró lórí ọ̀kan ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹrù kílóníútìn 20 wà lórí ìsàlẹ̀ 1 títí dé ìsàlẹ̀ 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100, òpó kọ̀ọ̀kan sì ń gbé 50. Àwọn ọ̀pá tó fì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí àárín afárá, nítorí náà ti yàrá kẹta bẹ̀rẹ̀ láti òkè 2, ó sì dé ìsàlẹ̀ 3.

Yàrá kẹta nìkan ló kàn mí. Mo fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá, ó gé ọ̀pá mẹ́ta: ti òkè, ti ìsàlẹ̀, àti èyí tó fì. Mo gbé apá ọ̀tún tì, apá òsì ni mo mú.

Ọ̀pá òkè ni kí n kọ́kọ́ wá. Níbo ni àwọn méjì yòókù ti pàdé? Ní ìsàlẹ̀ 3. Tí mo bá dúró síbẹ̀ tí mo sì wo bí nǹkan ṣe fẹ́ yí mi ká, àwọn méjèèjì kò lè yí ohunkóhun, torí ojú ibẹ̀ gan-an ni ipá wọn gbà kọjá. Ọ̀pá òkè nìkan ló kù tó lè dá ẹrù lóhùn:

```
50 × 9 − 20 × 6 − 20 × 3 = 270
270 ÷ 4 = 67.5
```

Wọ́n ń fi kílóníútìn 67.5 tì í mọ́ra. Fún ọ̀pá ìsàlẹ̀, òkè 2 ni mo lọ dúró sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pá òkè àti èyí tó fì ti pàdé:

```
50 × 6 − 20 × 3 = 240
240 ÷ 4 = 60
```

Wọ́n ń fi 60 fà á. Ó wá ku èyí tó fì. Ọ̀pá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń lọ ní ọgbọọgba, wọn kò ní pàdé láéláé, nítorí náà kò sí ibi tí mo lè dúró sí. Ìbéèrè mìíràn ni mo máa bi í: kí ló kù tó ń ti apá òsì sókè? 50 yọ 40, ó ku 10. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló lè fà á wálẹ̀. Mítà 5 ni gígùn rẹ̀, mítà 4 ni ó fi sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ipá rẹ̀ jẹ́ 10 × 5 ÷ 4, ìyẹn 12.5, fífà sì ni.

Ẹni tó bá ń lọ láti oríkèé sí oríkèé, ọ̀pọ̀ oríkèé ló máa yanjú kó tó mọ àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí. Tó bá sì ṣi èkínní kọ, àṣìṣe náà á bá a dé yàrá kẹta.

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ gba ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí trọ́ọ̀sì bá jókòó lórí òpó ní orí méjèèjì. Tí ẹ bá jẹ́ kó yọ jáde kọjá òpó bí ìbòòji iwájú ilé, apá tó yọ yẹn á yí padà: òkè á di èyí tí wọ́n ń fà. Èyí tó fì, ọ̀nà tó fì sí ló ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ 2 ló ti gùn lọ sí òkè 3 nínú afárá mi, 12.5 náà ni, àmọ́ títì ni.

Káfíńtà, Ìjẹ̀bú-Òde

Òótọ́ ni, Bàbá. Àmọ́ ẹ ṣáà wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé ayùn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo ṣe é fúnra mi, mo rí 67.5 àti 60, àmọ́ títì ni mo rí fún ọ̀pá tó fì. 12.5 náà ni nọ́ńbà rẹ̀. Ṣé ohun kan náà kọ́ ni?

Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, Èkó

Kì í ṣe ohun kan náà o, ọmọ mi. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba fífà dáadáa lè tẹ̀ kó sì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ tí wọ́n bá tì í. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: o ka ẹrù ìsàlẹ̀ 3 mọ́ ọn, o wá ní 50 yọ 60. Ìsàlẹ̀ 3 wà ní apá tí a gbé tì. Kò ba ọ̀pá òkè jẹ́ torí pé ìsàlẹ̀ 3 náà lo dúró sí, ìdí nìyẹn tí o kò fi fura. Wo ìbéèrè tí o kò tíì bi í: ṣé ó ń rìn sọ́tùn-ún tàbí sósì? Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún 12.5 jẹ́ 7.5. Fífà 60 àti 7.5 jẹ́ 67.5 sí ọ̀tún, ó bá títì 67.5 ti òkè dọ́gba. Pẹ̀lú tìrẹ, 60 yọ 7.5 á fún ọ ní 52.5, afárá á sì máa rìn lọ.

Olùkọ́ físíìsì, Àjàṣẹ́

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà Ritter ni àwọn olùkọ́ tó ń fi Faransé kọ́ni ń pè é, wọ́n fi sọrí August Ritter, ará Jámánì tó gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1860. Àwọn Jámánì náà ń pè é ní ìgé Ritter. Kí ló dé tí a kò kúkú pè é bẹ́ẹ̀, ká sinmi àríyànjiyàn?

Olùkọ́ èdè, Adó-Èkìtì

Orúkọ ènìyàn kì í sọ fún ọmọdé pé kó gé nǹkan. Àmọ́ mo ti ka iṣẹ́ Bàbá, mo sì fẹ́ fa ìfojúgé mi sẹ́yìn. Fojúdá, fojúbù, fojúwọ̀n: gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi “fojú” bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìdíwọ̀n lásán ni wọ́n ń sọ. Nọ́ńbà Bàbá sì bára mu dé ìdajì. Ọmọ tó bá gbọ́ ìfojúgé á rò pé ìsúnmọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo “ìgékọjá”: a gé e, a gbà á kọjá sí òdìkejì.

Onítumọ̀, Ìbàdàn

Ìgékọjá wọ̀ mí létí. Tí ọ̀nà kejì bá wá ń jẹ́ “oríkèé-sí-oríkèé”, orí ẹ̀kọ́ méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáadáa. Ṣé mo lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà tó tọ́ gbọọrọ ni, tí kò sì gbọdọ̀ gé ju ọ̀pá mẹ́ta lọ?

Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, Èkó

Má kọ gbọọrọ. Ìlà náà lè wọ́, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà ti pín trọ́ọ̀sì sí méjì pátápátá. Mẹ́ta ni a sábà ń pè torí pé ohun mẹ́ta péré ni a lè bi ẹ̀gbẹ́ tí a mú: ṣé ó ń lọ sókè sódò, ṣé ó ń rìn sọ́tùn-ún sósì, ṣé ó ń yí. Ṣùgbọ́n àwọn afárá kan wà tí ọ̀pá àárín yàrá wọn rí bí lẹ́tà K. Níbẹ̀, mo máa ń wọ́ ìlà yí oríkèé àárín K ká, kó gé ọ̀pá òkè, ìdajì méjì ọ̀pá tó nàró, àti ọ̀pá ìsàlẹ̀. Mẹ́rin nìyẹn. Síbẹ̀ mẹ́ta nínú wọn pàdé ní oríkèé ìsàlẹ̀, nítorí náà tí mo bá dúró síbẹ̀, ọ̀pá òkè nìkan ló kù. Mo lè mọ tirẹ̀. Àwọn ìdajì méjì yẹn ṣì fara pamọ́ fún mi títí màá fi gé ibòmíràn.

Káfíńtà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n onítumọ̀, tó bá lè wọ́, tó sì ń yí oríkèé ká, ṣé “kọjá” ṣì bá a mu? Ohun tó bá kọjá lọ́dọ̀ wa, ó tọ́ ni.

Onítumọ̀, Ìbàdàn

Odò náà ń kọjá nínú ìlú, kò sì tọ́. Màá fi ìgékọjá sínú ìwé náà, màá ya ìlà Bàbá tó wọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ èdè, ẹ ṣì jẹ mí ní ọ̀rọ̀ kan: apá tí a gbé tì yẹn, kí là ń pè é?