Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ẹwà ni ti ìpéǹpéjú ìyá mi

Àbíkẹ́ Ọmọ Aránṣọ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nítorí ìyá mi ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, aránṣọ sì ni wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí awọ ìpéǹpéjú wọn ti òkè ti ń rọ̀ wálẹ̀, débi pé ó ti ń bo ẹyinjú. Tí wọ́n bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ìka ni wọ́n fi ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti forí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè, torí wọn ò rí i.

Dókítà ojú ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì kọ̀wé sí àwọn adójútòfò wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé pé iṣẹ́ abẹ ẹwà ni, pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé ìpéǹpéjú yẹn ń dí ìríran lọ́wọ́. Ìyá tí kì í kun àtíkè! Ta ló ń pinnu pé ẹwà ni tàbí àtúnṣe ni? Ṣé ọ̀nà kankan ṣì wà?

Wálé Oníwèé
Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kí dókítà ṣáà kọ ọ́ pé ìlera wọn nílò iṣẹ́ abẹ náà, ó parí. Dókítà ló mọṣẹ́, adójútòfò kì í ṣe dókítà. Òfin tiẹ̀ wà lórí ẹ̀: ní Amẹ́ríkà láti 1998, wọn ò gbọdọ̀ kọ̀ láti sanwó iṣẹ́ abẹ àtúnṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Wálé, ọmú nìkan ni òfin 1998 yẹn ń sọ. Tí ètò ìdójútòfò ilera kan bá ń sanwó fún gígé ọmú, ó gbọ́dọ̀ sanwó fún títún un ṣe pẹ̀lú, títí kan ọmú kejì kí méjèèjì lè dọ́gba. Kò kan ìpéǹpéjú rárá. Gbólóhùn "ìlera wọn nílò rẹ̀" náà wà nínú gbogbo lẹ́tà tó dé iwájú mi fún ọdún 11 tí mo fi ṣiṣẹ́ nídìí àyẹ̀wò ìbéèrè fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan. A máa ń fò ó ni. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là ń wá.

Àbíkẹ́, kí ni wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an? Ṣé fọ́tò wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibi tí ojú ń rí dé, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, tí iná kéékèèké ń tàn tí èèyàn ń tẹ bọ́tìnì? Lẹ́tà dókítà náà, kà á fún mi bó ṣe wà.

Àbíkẹ́ Ọmọ Aránṣọ
Ẹ ṣeun mà. Fọ́tò kan wà, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á. Ẹni tó yà á ní kí màámi gbójú sókè kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà dókítà kúrú: ìpéǹpéjú méjèèjì ti rọ̀, ó ń mú kí aláìsàn dàbí ẹni tó ti rẹ̀, aláìsàn sì fẹ́ iṣẹ́ abẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò.

Orúkọ iṣẹ́ abẹ kọ́ ló ń pinnu. Ọ̀bẹ kan náà, dókítà kan náà, awọ kan náà: fún ẹnì kan ẹwà ni, fún ẹlòmíràn àtúnṣe ni. Ìwé àdéhùn ni ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa kọ́kọ́ ṣí. Púpọ̀ nínú wọn sọ pé ẹwà ni bí iṣẹ́ náà bá ń tún ara tó wà bó ṣe yẹ ṣe kí ó lè wu ojú. Àtúnṣe ni tó bá jẹ́ ara tí àbùkù ìbí, ìjàǹbá, àrùn tàbí ìdàgbàsókè tó yà ti bà jẹ́. Ẹ wo àwọn ohun tí mo kà yẹn: ọjọ́ ogbó kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí awọ rẹ̀ rọ̀ torí ọjọ́ orí kò lè gba ẹnu ọ̀nà "ó bà jẹ́" wọlé. Ẹnu ọ̀nà kan ló kù fún un, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara náà ń ṣe. Ṣé ojú ń ríran bó ṣe yẹ, àbí kò rí? Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà dáhùn.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́: wọ́n á tan iná sí ojú, ìmọ́lẹ̀ kékeré á hàn láàrin ọmọlójú. Wọ́n á wọn láti ibẹ̀ dé etí ìpéǹpéjú òkè. Lára ojú tó dá, ó ń tó mìlímítà 4 sí 5. Ọ̀pọ̀ adójútòfò fẹ́ rí 2 tàbí kí ó kéré sí i. Èkejì ni àyẹ̀wò ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é fún ojú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ìpéǹpéjú wà bó ṣe wà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi téèpù lẹ̀ ẹ́ sókè kí wọ́n tún un ṣe. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹ̀rí pé ìpéǹpéjú ló ń dí ojú, kì í ṣe àrùn tó wà nínú ẹyinjú. Àwọn kan kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó dìgírì 12, tàbí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ṣe fún ìyá rẹ kò lè fi nǹkan kan hàn.

Fọ́tò yẹn ló dùn mí jù. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo kì í mọ̀ pé iwájú orí lòun fi ń gbé e sókè látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí wọ́n bá tún ní kó gbójú sókè, kó rẹ́rìn-ín, ìpéǹpéjú á là gbagada. Èmi tí mo ń wò ó lórí tábìlì á sọ pé ojú yìí mà là. Kí wọ́n ya òmíràn: kí orí dúró ṣánṣán, kí ojú wo iwájú gan-an, kí iwájú orí sinmi, kí ìmọ́lẹ̀ sì hàn nínú ọmọlójú kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, kí awọ tó sùn lé irun ìpéǹpéjú lè hàn.

"Ó ń mú wọn dàbí ẹni tó ti rẹ̀", ìyẹn ló pa fáìlì yẹn. Ọ̀rọ̀ nípa bí ojú ṣe rí ni. Ìka tí wọ́n fi ń gbé ìpéǹpéjú kí wọ́n tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí èyí tó wọ inú lẹ́tà.

Kúnlé Arìnrìnàjò
Tèmi náà rèé. Omi gbígbóná dà sí mi lọ́rùn, àpá fà á débi pé mi ò lè yíjú sọ́tùn-ún. Wọ́n sanwó àkọ́kọ́ láìjanpata. Lẹ́yìn ọdún kan tí ọrùn ti ń yí dáadáa, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ́ àpá tó kù kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú awọ. Wọ́n ní rárá, ẹwà ni. Àpá kan náà! Mo rò pé iná ń jó wọn lọ́wọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àdéhùn tìrẹ lè jẹ́ èyí tó ń wo iṣẹ́ ẹ̀yà ara nìkan. Òmíràn wà tó tún ń sanwó láti dá ìrísí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí ìjàǹbá bá ló bà á jẹ́. Tún ìwé àdéhùn náà kà, Kúnlé, wo bóyá "tàbí ìrísí" tẹ̀ lé "iṣẹ́ ẹ̀yà ara" níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o lẹ́tọ̀ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí o máà ní.

Ìyá Fúnkẹ́
Ẹ dákun, èmi náà ní àpò lábẹ́ ojú, ó ti pẹ́. Ṣé wọ́n á san tèmi bí mo bá fi téèpù lẹ̀ ẹ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìyá Fúnkẹ́ 😄 abẹ́ ojú kì í dí ojú, mà. Ẹ̀dínwó ni kí ẹ lọ bẹ̀ dókítà fún. Ẹ tún jẹ́ n sọ eléyìí: tí dókítà bá fẹ́ ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí owó méjèèjì wà lọ́tọ̀, títí kan àkókò yàrá iṣẹ́ abẹ àti oògùn oorun. Ẹni tó bá kó ìsàlẹ̀ sábẹ́ ti òkè láti gba owó ń parọ́ lórí ìwé, wọ́n sì ń mú un.

Dèjì
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan. Ti bàbá mi dára láàárọ̀, ó máa ń burú ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì máa ń rí nǹkan ní méjì-méjì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Dèjì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ àìsàn tó máa ń mú iṣan rẹ̀ kíákíá wò, máyásìtẹ́níà ni wọ́n ń pè é. Tí mímí tàbí gbígbé oúnjẹ mì bá tún ń ni wọ́n lára, ọsibítù lónìí ni, kì í ṣe ọ̀la.

Àbíkẹ́ Ọmọ Aránṣọ
Ẹ káàárọ̀ o. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ojú ọ̀tún: mìlímítà 1.5. Láìsí téèpù, òkè tó rí dé jẹ́ dìgírì 20. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, 42. Ojú òsì: mìlímítà 3, láti 34 sí 41. Dókítà tún ní kì í ṣe awọ nìkan, iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú ọ̀tún sókè ti rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ọ̀tún fi dìgírì 22 yàtọ̀, mìlímítà rẹ̀ sì wà lábẹ́ 2. Ó dúró dáadáa. Kí dókítà kọ iṣan àti awọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí iṣẹ́ méjì ni, kóòdù méjì ni, àwọn kan ò sì ń san méjèèjì pọ̀.

Òsì, dìgírì 7 péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà bóyá ó dán nǹkan kan wò: kí ó gbé ọ̀tún sókè, kí ó wo òsì. Okùn kan náà ni ọpọlọ fi ń gbé ìpéǹpéjú méjèèjì. Bí ọ̀tún bá ṣe wúwo, ọpọlọ ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn fún méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ọ̀tún bá dára, òsì lè sọ̀ kalẹ̀.

Àbíkẹ́ Ọmọ Aránṣọ
Ó dán an wò! Ó ní òsì bọ́ sí mìlímítà 2.

Dèjì
Wọ́n kọ̀ láti sanwó irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi o. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan ná, kí wọ́n wá padà bí èkejì bá sọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Òótọ́ ni, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè mọ ti wọn. Àbíkẹ́, wo ọjọ́ tó gbẹ̀yìn fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú lẹ́tà yẹn, má jẹ́ kó kọjá. Kí dókítà sì béèrè láti bá dókítà àwọn adójútòfò sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí ó mú nọ́ńbà òsì yẹn dání.

Àbíkẹ́ Ọmọ Aránṣọ
Ó ku ọjọ́ 19. Mo ti ní kí màámi sọ tẹnu wọn, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: ìka, òwú, kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n fi kún un pé àwọn ti ran apá aṣọ oníbàárà sódì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Wọn ò sọ ìyẹn fún èmi gan-an rí.