Èlé tí kò lé: ṣé «èlé gidi» ni ká máa pè é?

Àbíkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni orúkọ ohun tó kù lára èlé owó tí a fi pamọ́ nígbà tí ọjà bá ti gbówó lórí? Mo rí «èlé gidi» níbì kan. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Àkàndé: Gidi wo? Ṣé ayédèrú wá ni èlé tí báńkì kọ sínú ìwé? Bàbá tó bí mi kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. «Èlé àṣẹ́kù» ló tọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò lára èlé. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, tí ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 25, ìdá 5 lo pàdánù.

Ìyá Olùkọ́: Àkàndé, o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ká ní ìṣó kan jẹ́ owó 1, owó 100 ra ìṣó 100. Lẹ́yìn ọdún kan, báńkì dá 120 padà, ìṣó kan sì ti di 1.25. Fi 1.25 pín 120, ìṣó 96 lo rí rà. Ìṣó 100 ti di owó 125, lóòótọ́ owó rẹ fi 5 dín. Ṣùgbọ́n owó 5 yẹn, ìṣó 4 ló ń rà báyìí. Nítorí náà, pínpín ni, kì í ṣe yíyọ. Owó 1 ti di 1.20, ìdá 4 nínú 100 lo pàdánù:

```
1.20 ÷ 1.25 − 1 = −0.04
```

Bí èlé bá jẹ́ 5, tí ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 3, yíyọ àti pínpín kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí iye bá ṣe ń ga ni àṣìṣe ń hàn.

Ọ̀rọ̀ «lé» gan-an ló ń dùn mí. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ka 96: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. «Dín» ló wà níbẹ̀! Ohun tó dín, báwo la ṣe ń pè é ní èlé?

Alábẹ́rẹ́: Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú owó ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo gba owó mi pẹ̀lú èlé, owó ẹ̀rọ ti sá kọjá mi. Báńkì jẹ mí lówó!

Ìyá Olùkọ́: Rárá o, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n san. Ọ̀wọ́ngógó tí ìjọba ń kéde, àròpọ̀ ọ̀pọ̀ ọjà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá gbówó lórí ju ìyẹn lọ, iye tiẹ̀ ni kó o fi pín owó rẹ.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé, mà. Lọ́jọ́ tí mo bá ń fi owó sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀wọ́ngógó ọdún yẹn kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ìyá Olùkọ́: Ọ̀wọ́ngógó tí o ń retí lo máa lò nígbà náà. Tí ọdún bá parí, o ó tún un ṣe pẹ̀lú iye tó ṣẹlẹ̀. Má fi ọ̀wọ́ngógó oṣù kan pín èlé ọdún kan o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Àkàndé: Mo gba ti pínpín, mà. Ṣùgbọ́n «ọ̀wọ́ngógó» yìí náà ń bí mi nínú: ọjà tó kún ilẹ̀, tó kàn gbówó lórí, ṣé ó ṣọ̀wọ́n ni?