Kéèkì páànù róbótó sínú tíréè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀la ni

Àdùkẹ́_Ṣómólú: Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀wọ́, kéèkì tí mo máa ń pò fún páànù róbótó íńṣì 8 méjì, wọ́n ní tíréè ni kí n fi yan án, kí wọ́n lè gé e wẹ́wẹ́ fún èrò ìsọmọlórúkọ lọ́la. Ṣé iná kan náà ni? Ìṣẹ́jú mélòó? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ_Mushin: Tíréè tóbi ju róbótó lọ, ẹ fa iná wálẹ̀. Tó bá jẹ́ 180 lẹ ń lò, ẹ gbé e sí 160, kẹ́ ẹ fi ogún ìṣẹ́jú kún un. Ohun tó bá tóbi máa ń pẹ́ kó tó jiná.

Yan_án_kó_jiná: Ọmọ Mushin, ó tì o. Fífẹ̀ kọ́ ló ń sọ ìgbà tí kéèkì máa jiná, bí àpòpọ̀ ṣe ga tó nínú páànù ni. Ooru ń ti òkè àti ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀ títí á fi dé àárín. Tí ibi tó máa rìn bá kúrú, á tètè débẹ̀, bí tíréè náà tiẹ̀ gba gbogbo orí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá wá fi 160 yan èyí tó fẹ́lẹ́, ẹ máa dúró títí kí òkè rẹ̀ tó pọ́n, inú á sì ti gbẹ kó tó pọ́n. Ìgbà tí àpòpọ̀ bá ga ju ti róbótó lọ ni wọ́n ń fa iná wálẹ̀ díẹ̀, kí etí má bàa le kí àárín tó jiná.

Àdùkẹ́, ẹ ò sọ bí tíréè yín ṣe tó. Ẹ fi rúlà wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ láti inú, ẹ má wọ̀n ọ́n láti etí kan dé ìkejì. Ẹ tún wo bí etí rẹ̀ ṣe ga tó. Àti pé nínú róbótó yín, ibo ni àpòpọ̀ máa ń dé kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé?

Ìyá_Béjì_Yábàá: Àdùkẹ́ ọmọ mi, má dán an wò tó bá jẹ́ ọ̀la ni. Èyí tí mo yan ní tíréè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú kirikiri, òkè funfun, àárín ṣì ń ṣàn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le débi pé ọ̀bẹ ò wọ̀ ọ́. Ṣe ni mo dà á nù. Róbótó tí o mọ̀ ni kí o dúró sí.

Ṣúgà_Díẹ̀: Yeè! Ìdí tí mi ò fi sún mọ́ tíréè láéláé nìyẹn.

Ọmọ_Mushin: Ṣé ẹ rí i? Iná ló pọ̀ jù. Mo ti sọ ọ́, 160.

Alásè_Ọbáléńdé: Ẹ̀rù ti bà mí báyìí, tèmi náà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe tí àárín fi ń ṣàn?

Yan_án_kó_jiná: Ìyá Béjì, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ààrò gáàsì ni? Ṣé tíréè yẹn kan ògiri ààrò?

Ìyá_Béjì_Yábàá: Gáàsì ni. Agbára káká ni ilẹ̀kùn fi padé.

Yan_án_kó_jiná: Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà náà wà. Nínú ààrò gáàsì, ìsàlẹ̀ ni iná ń jó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ẹ̀gbẹ́ tíréè gòkè, ó ń lọ pọ́n orí kéèkì. Tí tíréè bá ti dí gbogbo ẹ̀gbẹ́, ooru ò rí ọ̀nà gbà. Ìsàlẹ̀ ló máa há sí, ibẹ̀ á jó, òkè á sì wà ní funfun. Ẹ lè fa iná wálẹ̀ dé ibi tó wù yín, ìsàlẹ̀ ló ṣì máa kọ́kọ́ jó. Ohun tó lè gbà wá ni kí àyè tó tó ìka méjì wà láàrin tíréè àti ògiri yíká. Tí páànù bá fẹ́lẹ́, ẹ ki tíréè mìíràn bọ abẹ́ rẹ̀, kó di méjì léra wọn.

Ti igun yẹn yàtọ̀. Róbótó ò ní igun. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni ooru ti ń wọ igun tíréè lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jiná ṣáájú àárín. Ẹ ya tówẹ̀ẹ̀lì àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un, ẹ fi fọ́ìlì wé e, kẹ́ ẹ wá so ó yí ara tíréè ká. Ìyẹn máa fa igun sẹ́yìn díẹ̀.

Ìyá_Béjì_Yábàá: O lè jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́la kò ní àyè ìdánwò.

Ṣúgà_Díẹ̀: Ṣé ẹ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń gé róbótó jáde látinú tíréè ni? Ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ da páànù róbótó bolẹ̀ sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tó mú yí i ká. Ẹ má gé e nígbà tó gbóná, á rún. Àjákù tó bá ṣẹ́ kù, ẹ lè rún un mọ́ áísìn.

Alásè_Ọbáléńdé: Òdìkejì ohun tó bi wá nìyẹn o, Ṣúgà Díẹ̀.

Bàbá_Èlò_Ìdúmọ̀tà: Ẹ wo etí tíréè kẹ́ ẹ tó ra nǹkan. Irú méjì ló wọ́pọ̀ lórí igbá. Èyí tí etí rẹ̀ ga ní íńṣì kan, ti bísíkíìtì àti míítì páì ni. Èyí tí etí rẹ̀ ga ní íńṣì 2 ni ti kéèkì. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù, tó ń dún gbàgà tí iná bá mú un, ó ti lọ́ nìyẹn, kéèkì inú rẹ̀ á ga lápá kan, á rẹlẹ̀ lápá kejì. Ẹ tẹ àárín rẹ̀ wò ní ọjà. Tó bá ń jó lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Àdùkẹ́_Ṣómólú: Ẹ ṣeun gan-an. Gígùn rẹ̀ 16, ìbú 12, etí rẹ̀ íńṣì kan péré. Ó ku bí ìka méjì lọ́tùn-ún lósì nínú ààrò mi, gáàsì tó ní nọ́ńbà ni. Nínú róbótó, àpòpọ̀ máa ń tó íńṣì kan. Ìṣẹ́jú 35 ni mo máa ń fi yan án ní 180.

Ọmọ_Mushin: Ẹ sọ gbogbo èlò di ìlọ́po méjì nìyẹn, àyàfi békìn páúdà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Yan_án_kó_jiná: Ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Íńṣì 8 jẹ́ 4 láti àárín dé etí.

```
4 × 4 × 3.14 ≈ 50
50 × 2 = 100
16 × 12 = 192
```

Tíréè yẹn fẹ̀ tó ìlọ́po méjì páànù méjèèjì yín, ó fi díẹ̀ dín. Tẹ́ ẹ bá da ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa ń pò sínú rẹ̀, ohun tó ga ní íńṣì kan tẹ́lẹ̀ á di ìdajì íńṣì. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí Ọmọ Mushin ṣe wí, á padà di íńṣì kan, ìyẹn ni pé ó máa dé ẹnu tíréè kó tó wú rárá. Ìdajì páànù, ó pọ̀ jù ìdá méjì nínú mẹ́ta, ni kéèkì ń gbà kó má bàa kún dànù sórí iná.

Nítorí náà, nínú tíréè yìí, ìwọ̀n kan péré ni kẹ́ ẹ pò. Ẹ fi iná sí 180 bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí ààrò gbóná dáadáa ṣáájú, kẹ́ ẹ gbé tíréè sí pẹpẹ àárín. Ìdajì gíga kò túmọ̀ sí ìdajì àkókò gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Láti ìṣẹ́jú 15 ni kẹ́ ẹ ti máa wò ó, ó ṣeé ṣe kó jiná láàrin 18 sí 22. Àárín ni kẹ́ ẹ ti ki igi ìtayín bọ̀ ọ́, nítorí igun á ti jiná tipẹ́, á kàn tàn yín ni. Tí etí bá ti ń fà sẹ́yìn kúrò lára páànù, tẹ́ ẹ tẹ àárín, tó sì padà sókè, ẹ gbé e jáde. Ní kéèkì tó fẹ́lẹ́ báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́ta àfikún ti tó láti gbẹ ẹ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò, kó bu omi sínú róbótó méjèèjì dé ibi tí àpòpọ̀ máa ń dé, kó da gbogbo rẹ̀ sínú tíréè, kó wá ki rúlà bọ̀ ọ́. Ohun tí omi bá fi hàn ni àpòpọ̀ náà máa ṣe. Ẹ nu páànù gbẹ lẹ́yìn náà.

Alásè_Ọbáléńdé: Ti omi yẹn ni mo mú. Ti békìn páúdà ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni wọn kì í sọ ọ́ di ìlọ́po méjì?

Yan_án_kó_jiná: Tí fúláwà bá di ìlọ́po méjì tí àpòpọ̀ sì ga bákan náà, békìn páúdà náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kéèkì á le. Inú páànù ńlá tó jìn ni àwọn kan ti ń dín in kù díẹ̀.

Ìyá_Béjì_Yábàá: Èmi máa ń dín in kù nínú ohunkóhun tó bá ju ìwọ̀n kan lọ, àárín tèmi kì í sì í rì.

Ọmọ_Mushin: Ẹ gbọ́ tàgbà!

Yan_án_kó_jiná: Bí Ìyá Béjì bá ń bu páúdà kún ṣíbí gègèrè, tí èmi ń fi ọ̀bẹ gé tèmi pẹrẹsẹ, ohun kan náà la lè máa ṣe. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Àdùkẹ́_Ṣómólú: Ìdajì íńṣì á fẹ́lẹ́ lójú àwọn ìyá ọmọ o. Tó bá jiná ńkọ́, á ga tó mélòó? Èrò pọ̀.

Yan_án_kó_jiná: Á sún mọ́ íńṣì kan tó bá wú, ẹnu tíréè nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gé e ní íńṣì 2 sí 2, ẹyọ 48 ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá gé tíréè sí méjì, tẹ́ ẹ fi áísìn lẹ̀ wọ́n mọ́ra, á ga dáadáa, ṣùgbọ́n ẹyọ 24 ló máa ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá lè dé Ìdúmọ̀tà kílẹ̀ tó ṣú, ẹ ra 9 sí 13 tí etí rẹ̀ ga ní íńṣì 2. 117 ni fífẹ̀ rẹ̀, ó fi díẹ̀ ju róbótó méjèèjì yín lọ. Ẹ ò ní fi nǹkan kan kún ìwọ̀n yín, kẹ́ ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ìṣẹ́jú 27.

Bàbá_Èlò_Ìdúmọ̀tà: A ṣì ṣí o.

Àdùkẹ́_Ṣómólú: Ojú ọ̀nà ò ṣeé rìn, mi ò ní lè rékọjá afárá. Mo ti pinnu. Ìwọ̀n méjì ni màá pò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan á wọ tíréè, ìkejì á wọ róbótó méjèèjì bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́, kí n gbé gbogbo rẹ̀ wọlé pọ̀, tíréè nísàlẹ̀, róbótó lókè. 170 ni màá fi sí, kí ọ̀rọ̀ yín méjèèjì lè bára mu. Ẹ ṣeun, mo ti ń po bọ́tà.

Ọmọ_Mushin: Ó kéré tán, ẹ fa iná wálẹ̀ díẹ̀.

Yan_án_kó_jiná: Àdùkẹ́, tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ má gbé wọn wọlé pọ̀. Tíréè tó wà nísàlẹ̀ máa dí ooru mọ́ róbótó lójú. Tíréè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yan, òun ló máa tètè jáde. Ẹ má sì po békìn páúdà ti ìwọ̀n kejì mọ́ fúláwà àti ẹyin títí tíréè á fi ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí bó bá ti kan omi ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Alásè_Ọbáléńdé: Kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀, kó pè é.